Owó Yín Ni, Ṣùgbọ́n Ṣé Sítétímẹ́ǹtì Yín Sọ Bẹ́ẹ̀? Ìtọ́sọ́nà fún Oníṣòwò Tó Ń Wá Físà Ìbẹ̀wò Ìlú Ọba

Ọjọ́ tí ìwé tó sọ pé wọn kò fún Ìyá Aládìrẹ ní físà dé, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ni mo ti bá a. Ó jókòó sórí àpótí láàárín aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláró, ó sì na ìwé náà sí mi. "Ọmọ mi, bá mi kà á dáadáa. Àbí wọ́n ní mo jí owó ni?"

Wọn kò sọ pé ó jí owó. Ohun tí wọ́n sọ ni pé owó ńláńlá wọ àkáǹtì rẹ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó kọ̀wé, pé kò sí ìwé kankan tó fi ibi tí owó náà ti wá hàn, àti pé nítorí bẹ́ẹ̀ wọn kò lè gbà pé owó náà jẹ́ èyí tó lè ná bó ṣe wù ú. Èyí tó dùn mí níbẹ̀ ni pé òógùn ojú rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú owó yẹn. Ó ti ń tajà ní Ìtòkú kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé.

Mo lo ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn kọ́ńtà báńkì kí n tó wá ń bá àwọn ènìyàn to ìwé físà nínú yàrá kékeré kan ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́. Nínú gbogbo ìwé tó ń gba ọwọ́ mi kọjá, ti àwọn oníṣòwò tó ní owó gidi ló ń ká mi lára jù, torí pé owó wọn kò sí ní báńkì. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lọ́wọ́ alájọ, ó wà nínú ọjà tí wọn ò tíì tà. Bí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò bá wá dé, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n á dà á sínú àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ Ìyá Aládìrẹ ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má bàa kó sí i. Físà ìbẹ̀wò Ìlú Ọba ni mò ń sọ, èyí tó ń jẹ́ kí ènìyàn lè lò tó oṣù mẹ́fà. Ti akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin tirẹ̀, màá dé ibẹ̀ tó bá yá.

Ohun tí ẹni tó ń wo ìwé ń wá

Òfin físà ìbẹ̀wò Ìlú Ọba kò dárúkọ iye owó kankan. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá ti ní mílíọ̀nù mẹ́ta tàbí márùn-ún ti yege. Ohun tí òfin béèrè ni pé kí owó tó wà nílẹ̀ tó fún àlọ àti àbọ̀ àti gbogbo ìgbà tí ẹ máa fi wà níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ máa wá iṣẹ́ ṣe lọ́hùn-ún tàbí kí ẹ gba owó ìrànwọ́ ìjọba wọn.

Ẹni tó ń wo ìwé yín kò dé Ìtòkú rí. Kò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù yín kún dé àjà. Fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ àti àwọn ìwé tí ẹ fi tì í lẹ́yìn nìkan ló mọ̀ nípa yín. Nítorí náà, bó bá mú sítétímẹ́ǹtì yín, nǹkan mẹ́ta ló ń bi í: níbo lowó yìí ti wá, ṣé ti ẹni yìí ni lóòótọ́, ṣé ẹni tí owó rẹ̀ mọ báyìí lè ná iye tó ní òun máa ná sórí ìrìn àjò yìí kó sì padà wá bá iṣẹ́ rẹ̀ nílé? Iye tó gbẹ̀yìn sítétímẹ́ǹtì kò lè dáhùn ìkankan nínú wọn. Àwọn ìlà tó ṣáájú rẹ̀ ló ń dáhùn.

Ẹ wo ohun tí wọ́n rí nínú ti Ìyá Aládìrẹ lẹ́ẹ̀kíní. Fún oṣù márùn-ún, owó tó wà nínú àkáǹtì náà kò kọjá ₦180,000 rí. Lẹ́yìn náà, láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án péré:

```
11-SEP  CASH DEPOSIT     1,500,000.00
14-SEP  TRF INWARD       1,200,000.00
19-SEP  CASH DEPOSIT       500,000.00
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni owó tó ti ń tò jọ sínú ilé fún ọdún púpọ̀. Ìlà kejì ni àjọ tó kàn án. Ìlà kẹta ni owó tí àbúrò rẹ̀ yá a, torí ẹ́jẹ́ńtì kan ti sọ fún un pé bí kò bá pé mílíọ̀nù mẹ́ta kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ wo ìlà kìíní àti ìkẹta dáadáa. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀ pátápátá, ìkejì jẹ́ yíyá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni báńkì kọ sí iwájú méjèèjì. Kò sí bí àjèjì ṣe lè mọ ìyàtọ̀.

Ìdí tí owó òjijì fi ń mú wọn fura nìyí. Òwò kan wà tí gbogbo wa mọ̀, àwọn tó ń yáni lówó fún sítétímẹ́ǹtì: wọ́n á fi owó sínú àkáǹtì ẹni, wọ́n á jẹ́ kó jókòó díẹ̀, ẹ ó tẹ̀wé, wọ́n á gba owó wọn padà pẹ̀lú èlé. Àkáǹtì tó ti sùn, owó tó já wọlé lójijì, ìwé físà tó tẹ̀ lé e: àpẹẹrẹ òwò yẹn gan-an ni èyí. Ìyá tó kó owó abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde lọ́sẹ̀ tó fẹ́ kọ̀wé ti wọ aṣọ àwọn ayánilówó láìmọ̀. Ohun kejì tí wọ́n ń rò ni pé ẹni tó yá owó rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ san án padà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ tó máa fi san án.

Ẹ kọ́kọ́ ka sítétímẹ́ǹtì yín bí àjèjì

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gba sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà tó kọjá, kí ẹ jókòó pẹ̀lú báírò. Oṣù mẹ́fà yìí kò sí nínú òfin, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń ní kí ènìyàn fi sílẹ̀, torí ó gùn tó láti fi ìṣesí owó hàn.

Ẹ ṣírò gbogbo owó tó ń wọlé lóṣù kan tí kò sí nǹkan àrà ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi báírò yí gbogbo owó tó wọlé lẹ́ẹ̀kan tó ju ìdajì iye yẹn lọ ká. Bí ₦600,000 bá ń wọlé lóṣù, gbogbo ìlà tó ju ₦300,000 lọ gba òrùka. Òfin kọ́ ni ìdajì yìí o. Ìwọ̀n tí èmi fi ń wò ó ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí owó náà ti wá àti ìwé tó lè jẹ́rìí sí i. Bí ẹ bá rí òrùka tí ẹ ò ní nǹkan kọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹni tó ń wo ìwé máa dúró sí, kò ní kọjá ibẹ̀. Bí irú òrùka bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín oṣù méjì tó kẹ́yìn, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dúró kí ẹ má tíì kọ̀wé.

Ti Ìyá Aládìrẹ lẹ́ẹ̀kíní, òrùka mẹ́ta ló ní, ìwé ẹ̀rí kò sí fún ọ̀kankan.

Owó tó wà nílé

Nígbà tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ dé, ohun àkọ́kọ́ tó fẹ́ ṣe ni kó lọ kó owó rẹ̀ kúrò ní báńkì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é. Bó bá kó o jáde lọ́jọ́ kejì, á wulẹ̀ máa jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n fura sí ni. Ohun tó ṣe nìyí: ó dá ₦500,000 àbúrò rẹ̀ padà nípasẹ̀ tíráńsífà kó lè hàn pé gbèsè ló san. Owó àjọ, ₦1,200,000, ó fi ra aṣọ funfun àti aró, torí iṣẹ́ tó torí rẹ̀ dá àjọ nìyẹn. Owó ilé, ₦1,500,000, dúró síbi tó wà.

Ẹ̀yin tí owó yín ṣì wà nílé, ẹ kó o lọ sí báńkì lónìí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì jẹ́ kí oṣù mẹ́fà kọjá lórí rẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé. Owó tó ti wà nínú àkáǹtì kí ìlà àkọ́kọ́ sítétímẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe owó òjijì mọ́. Síbẹ̀ náà, ẹ ṣì máa dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà àlàyé yín.

Àwọn kan á ní kí ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa san ₦100,000 lónìí, ₦90,000 lọ́la, kó lè dà bí owó ọjà. Ẹ má ṣe é. Lẹ́yìn kọ́ńtà, mo rí irú rẹ̀ tó pọ̀: iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tó ń wọlé léraléra lójoojúmọ́, tí kò sí owó kankan tó ń jáde láti fi ra ọjà. Báńkì fúnra rẹ̀ ń fura sí i. Tó bá sì yá, tí wọ́n bi yín níbi tí ó ti wá, ẹ ó ti fi owó tó jẹ́ tiyín sọ irọ́ tí kò nídìí.

Ẹ jẹ́ kí ọjà máa wọlé bó ṣe ń tà

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Tẹ́lẹ̀, Ìyá Aládìrẹ máa ń gba owó, á kó o sínú àpò abẹ́ ìró, á fi san owó aṣọ fún ẹni tó wá gbowó, èyí tó kù á di oúnjẹ. Ọjà ńlá ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, báńkì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Láti ìparí oṣù kọkànlá, a yí i padà. Ó gba ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́sì sí ṣọ́ọ̀bù, kí owó àwọn tó ń ra aṣọ ẹbí lè máa wọ àkáǹtì náà tààrà. Owó tó bá wọlé ní kéṣì, ó ń gbé e lọ sí báńkì ní Ṣápọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ó sì ń kọ ọ́ sórí tẹ́là pé owó ọjà Ìtòkú ni. Owó tó ń san fún aṣọ àti aró, tíráńsífà ló ń ṣe.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Wọ́n ń bẹ̀rù kí owó máa jáde, wọ́n rò pé àkáǹtì tó dára ni èyí tó kàn ń kún sí i. Àkáǹtì tí owó ń wọ̀ tí kò sì jáde kò jọ ti ènìyàn tó ń jẹun. Jẹ́ kí owó iná, owó oúnjẹ, owó ọmọ iṣẹ́ àti owó ṣọ́ọ̀bù máa hàn níbẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan nínú àkáǹtì rẹ̀ rí báyìí:

```
06-MAY  POS SETTLEMENT            64,500.00
08-MAY  CASH DEP ITOKU SALES     118,000.00
09-MAY  TRF ASO FUNFUN           -92,000.00
10-MAY  TRF OWO ILE              -20,000.00
```

Ẹ fi èyí wé ìlà mẹ́ta òkè yẹn. Kò sí owó ńlá kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé Ẹ̀gbá rí á mọ̀ pé obìnrin yìí ń ta aṣọ, ó ń ra aṣọ, ó ń gbọ́ bùkátà ilé. Ọ̀sẹ̀ tí ọjà kò tà, ẹ jẹ́ kó hàn pé kò tà. Oṣù kejì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ lọ mú owó láti ibòmíràn fi dí i, mo ní kó fi sílẹ̀.

Àjọ

Àjọ ló ń ba sítétímẹ́ǹtì àwọn oníṣòwò wa jẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló lè fi hàn pé ènìyàn mọ owó tọ́jú. Wàhálà rẹ̀ ni pé owó kékeré kékeré ń jáde ní kéṣì tí kò sí àkọsílẹ̀, tó bá wá kan ẹni, gbogbo rẹ̀ á wọlé ní odidi láti ọwọ́ ẹnì kan. Lójú àjèjì, ẹni tí a kò mọ̀ kan ló ṣàdédé fún yín ní owó ńlá.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni kí ìdajì ìtàn tó pamọ́ yẹn hàn. Àwọn mẹ́wàá ni wọ́n jọ ń dá àjọ tuntun, ₦50,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Láti oṣù kejìlá, Ìyá Aládìrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi tíráńsífà san tirẹ̀, ó sì ń kọ `AJO DEC`, `AJO JAN` sí i bí oṣù bá ti ń lọ. Nígbà tó kàn án lóṣù kẹta, olórí àjọ fi ₦500,000 ránṣẹ́ láti àkáǹtì kan náà tí ìyá ń san owó sí, ó sì kọ `AJO PAYOUT MAR`. Ẹni tó bá wo sítétímẹ́ǹtì náà á rí ₦50,000 tó jáde lóṣù kejìlá, kìíní, kejì àti ìkẹta, á rí ₦500,000 tó wọlé, á tún rí ₦50,000 tó ń jáde lọ lóṣù kẹrin àti ìkarùn-ún fún àwọn tó kù. Ìyẹn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àlàyé.

A fi lẹ́tà kan tì í lẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ olórí àjọ: iye àwọn tó ń dá a, iye tí kálukú ń dá, oṣù tó bẹ̀rẹ̀, oṣù tó kan ìyá, nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ojú ewé kan péré. Bó bá jẹ́ alájọ ojoojúmọ́ tó ń fi káàdì gba owó ni, ẹ fi àwòrán káàdì náà sí i, ẹ sì ṣàlàyé ní gbólóhùn kan pé owó ọjọ́ kan lóṣù jẹ́ ti alájọ, kí iye tó wọlé má bàa jọ pé ó dín. Ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rọrùn jù, torí wọ́n ní ìwé àkọsílẹ̀ àti òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó tó wọlé bá jẹ́ ẹ̀yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹ pè é ní ẹ̀yáwó. Ẹ má kà á mọ́ owó tí ẹ fi pamọ́.

Owó ọmọ tó wà lọ́hùn-ún

Ọmọ Ìyá Aládìrẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Leeds. Lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, ó fẹ́ fi mílíọ̀nù mẹ́rin ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyá rẹ̀ kí ẹnu lè pa mọ́. Mo pè é lórí fóònù, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lọ́dọ̀ yín."

Bí ọmọ bá máa ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó máa gba ìyá rẹ̀ sílé, òfin gbà á. Ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ ti yẹ kó wá ni àkáǹtì ọmọ náà: lẹ́tà rẹ̀ tó sọ ohun tó máa san fún àti ohun tí kò ní san fún, sítétímẹ́ǹtì tirẹ̀ tó fi owó oṣù rẹ̀ hàn bó ṣe ń wọlé, ìwé owó oṣù láti ibi iṣẹ́, ẹ̀rí ilé tó ń gbé àti ẹ̀rí pé òun àti ìyá jọ jẹ́ ẹbí. Níbẹ̀, owó náà ní orísun, ó sì ní olówó. Bó bá dé Abẹ́òkúta, ó di ìlà òjijì kan tí a ní láti ṣàlàyé. Owó kan náà ni. Ibi tó jókòó sí ló yàtọ̀.

Ìṣirò fọ́ọ̀mù àti ti sítétímẹ́ǹtì

Fọ́ọ̀mù á bi yín ní iye tó ń wọlé fún yín lóṣù, iye tí ẹ ń ná lóṣù, iye tí ẹ máa ná sórí ìrìn àjò àti ẹni tó máa san án. Oníṣòwò máa ń ṣubú níbí torí ó ń da owó ọjà pọ̀ mọ́ èrè. Ìyá Aládìrẹ kọ́kọ́ ní kí n kọ ₦600,000, torí òun ló ń wọlé. Mo mú ìwé, a jọ ṣe é.

Nínú oṣù kan tó wà láàárín, ₦600,000 ń wọlé láti ọjà. Aṣọ, aró, owó àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ àti owó ṣọ́ọ̀bù ń kó ₦380,000 lọ. Èyí tó kù, ₦220,000, òun ni èrè rẹ̀, òun náà la kọ sí fọ́ọ̀mù. Nínú rẹ̀, ₦90,000 ń lọ sí bùkátà ilé, ₦50,000 ń lọ sí àjọ, ₦80,000 ń dúró nínú àkáǹtì. Nínú lẹ́tà àlàyé, a kọ ìṣirò yìí ní ìlà mẹ́rin, kí ẹni tó bá rí ₦600,000 nínú sítétímẹ́ǹtì tó sì rí ₦220,000 lórí fọ́ọ̀mù má bàa rò pé ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ irọ́.

Ẹ wá wò ó bóyá ìparí rẹ̀ bára mu. Ó bẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá pẹ̀lú ₦1,500,000. ₦80,000 lọ́nà mẹ́fà jẹ́ ₦480,000. Àjọ mú ₦500,000 wọlé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,480,000 ní ìparí oṣù karùn-ún. Oṣù kan ju oṣù kan lọ, nítorí náà iye tó wà nínú àkáǹtì gan-an fi díẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n ìtàn àti ìṣirò ń bá ara wọn lọ. Iye náà kéré sí ₦3,200,000 tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní. Ẹ kíyè sí i dáadáa.

Ní ti ìrìn àjò: ọmọ ń san tíkẹ́ẹ̀tì, ibùgbé àti oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá mú ₦700,000 fún owó ọkọ̀, ohun tó máa rà àti pàjáwìrì. Ìyẹn kò tó ìdá mẹ́ta owó rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó sọ pé òun máa ná ₦2,300,000 nínú ₦2,480,000 láti lọ kí ọmọ-ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ náà á ti le, kódà kí gbogbo ìlà tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ mọ́ kedere. Ta ni á ta gbogbo owó òwò rẹ̀ nù sórí ìbẹ̀wò?

Gbígba sítétímẹ́ǹtì

Ẹ lọ gbà á ní báńkì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Kí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu. Bí ti àkáǹtì bá jẹ́ orúkọ ilé ọkọ tí pásípọ́ọ̀tù sì jẹ́ ti ilé bàbá, ẹ tún un ṣe ní báńkì tàbí kí ẹ fi ìwé ìgbéyàwó sí i. Ẹ rí i pé gbogbo ojú ewé pé. Ẹ gbà á nígbà tí ẹ bá ti ṣetán láti kọ̀wé, kó má bàa ti gbó, ẹ sì rántí pé fọ́ọ̀mù kò ṣe é fi ránṣẹ́ títí tó fi ku oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ ìrìn àjò. Bí ẹ bá ní ju àkáǹtì kan lọ tí owó ń lọ láàárín wọn, ẹ mú sítétímẹ́ǹtì gbogbo wọn wá, torí owó tó bá ti àkáǹtì yín kejì wọlé á jọ owó àjèjì bí ìkejì kò bá sí níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín tún nọ́ńbà kankan ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ báńkì bóyá ìwé náà jẹ́ tiwọn.

Lẹ́tà àlàyé kò gbọ́dọ̀ gùn. Tiwa jẹ́ ojú ewé kan ààbọ̀. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti kọ̀ ọ́ rí, torí fọ́ọ̀mù ń béèrè, wọ́n sì ti ní i lọ́wọ́. A ṣàlàyé ìlà mẹ́ta oṣù kẹsàn-án níkọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó jẹ́ ẹ̀yáwó àbúrò, a sì tọ́ka sí ọjọ́ tó dá a padà. Ẹ̀rù bà á láti kọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn wà nínú ìwé tó wà lọ́dọ̀ wọn, kò sí bí a ṣe lè pa á rẹ́.

"Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n" tí gbogbo ènìyàn ń sọ

Ẹ ó gbọ́ ọ ní Pansẹ́kẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ ní Kútọ̀: "Kó ṣáà ti pé ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n nínú àkáǹtì." Òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń lọ kàwé gbọ́dọ̀ fi hàn pé iye tí wọ́n ní kó ní wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 tó tẹ̀ léra, láìjẹ́ pé ó lọ sílẹ̀ kódà fún ọjọ́ kan, kí ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọjọ́ 28 náà má sì ju ọjọ́ 31 lọ ṣáájú ọjọ́ tó fi ìwé ránṣẹ́. Owó náà lè jẹ́ tirẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìbí àti lẹ́tà òbí. Kò sí irú òfin ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fún físà ìbẹ̀wò. Ẹni tó bá yá owó, tó jẹ́ kó pé ọjọ́ 28, tó wá fi wá físà ìbẹ̀wò, òfin ẹlòmíràn ló fi ń ṣiṣẹ́, ohun tó sì tẹ̀ jáde fún un ni àpẹẹrẹ ìfura tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Bí wọ́n bá kọ físà kan torí pé owó kò yé wọn, ẹ lè tún ìwé kọ nígbàkígbà tí ẹ bá ti ní àlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó san owó fọ́ọ̀mù tuntun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ pé ẹ fi ìwé ayédèrú ránṣẹ́, tàbí pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pe owó ẹlòmíràn ní tiyín láti fi tàn wọ́n, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín fún ọdún 10. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi gba iṣẹ́ ẹni tó bá ti lọ gba owó ayánilówó sínú àkáǹtì. Mo máa ń ní kó dá a padà ná, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àwọn kan ń bínú sí mi.

Lẹ́yìn tí ìwé ti lọ

Lóṣù kẹfà, a wọ rélùwéè ní Láàdérin lọ sí Agége, a sì gba ibẹ̀ dé Ìkẹjà, níbi tó ti tẹ ìka. Nínú ọkọ̀, ó bi mí bóyá ó ti lè kó owó rẹ̀ jáde báyìí tí wọ́n ti gba ìwé. Mo ní kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́, owó rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè béèrè fún sítétímẹ́ǹtì tuntun kí wọ́n tó dáhùn, bí owó ìrìn àjò bá sì ti lọ, kí ló máa fi rìn?

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ò tiẹ̀ fẹ́ kó o jáde mọ́. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ó ti wà lórí ìlà ní Ṣápọ́n kí n tó kọjá, ₦131,000 owó ọjà ọ̀sẹ̀ yẹn nínú àpò rẹ̀, tẹ́là tó ti kọ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ kejì.